Owó ọdún kan lábẹ́ ọjọ́ 7 ọ̀fẹ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi ní Àjàṣẹ́, ẹ mọ̀ pé oníbàárà òde òní fẹ́ rí àwòrán aṣọ rẹ̀ kí a tó fi sísọ́ọ̀sì kan án. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba áàpù kan tó ń ya àwòrán aṣọ sórí fóònù mi. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ 7, àti pé lẹ́yìn náà 3,33 € ni lóṣù, èyí tí kò tó 2.200 sẹ́fà. Lábẹ́ ibi tí a ó tẹ̀ ni wọ́n kọ ìyókù sí, ní lẹ́tà wínníwínní: `puis 39,99 € par an, renouvellement automatique`, ìyẹn ni pé lẹ́yìn náà 39,99 € ni lọ́dún, àdéhùn náà yóò sì máa tún ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n pín owó ọdún sí ọ̀nà 12 kí ó lè kéré lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gbà á.

Áàpù náà kò wúlò fún mi, mo sì ti yọ ọ́ kúrò lórí fóònù kí ọjọ́ 7 tó pé. Àfi bí ìròyìn báńkì ṣe wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé ohun tó lé ní 26.000 sẹ́fà ti kúrò lórí káàdì mi. Owó ọ̀wú àti síìpù tí ìyá ìyàwó kan san sílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni màmá náà yà, tí wọ́n ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ọ̀wú wa ti dé láti Kùtọnu?” Ẹnu mi wúwo. Owó olówó ni, mi ò sì mọ ibi tí màá ti rí i san. Mo béèrè owó náà padà lọ́wọ́ `Google Play` kí wákàtí 48 tó pé, wọ́n sì dá a padà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù ni pé yíyọ áàpù kúrò kì í fòpin sí àdéhùn. Inú àkáǹtì tí a so káàdì mọ́ ni àdéhùn wà, kò sí nínú áàpù. Ẹ ṣí `Google Play`, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, kí ẹ wọ `Paiements et abonnements`, lẹ́yìn náà `Abonnements`. Ibẹ̀ ni a ti ń fagi lé e, bí ẹ tilẹ̀ ti yọ áàpù náà tipẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á ni kí ẹ ti ṣe é, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń jẹ́ kí a lo ọjọ́ tó kù. Ẹni tó ń lo `iPhone` gbọ́dọ̀ ṣe é, ó kéré tán, ní wákàtí 24 kí ọjọ́ ọ̀fẹ́ tó tán. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wo ojú ìwé yẹn: bí ó bá ṣì ń fi ọjọ́ tí wọn yóò gba owó hàn dípò ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí, ẹ kò tíì fagi lé e.