Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ìdáhùn mẹ́ta tó máa ń fi ẹni tó yẹ kó yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wò pamọ́

Ohun tí mo kọ́ nídìí àyẹ̀wò ṣúgà ni pé abẹ́rẹ́ kì í sábà ṣì wá lọ́nà tó ìdáhùn tí èèyàn fún wa kí abẹ́rẹ́ tó jáde. Ìbéèrè díẹ̀ ni a fi ń mọ ẹni tó yẹ kó lọ fa ẹ̀jẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ló sì máa ń da nǹkan rú: ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ìdílé, báwo ni ikùn ṣe gbòòrò tó, àti ṣé ṣúgà ẹni náà ti ga rí, ìgbà oyún náà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣáá, tó ń dìde tọ̀ lóru léraléra, tó sì ń rù láìmọ ìdí, kì í ṣe òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò ní ìbéèrè kankan láti dáhùn, kó lọ ṣe àyẹ̀wò lónìí. Àwọn tí ara wọn dá ṣáṣá ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní FINDRISC. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Finland ló ṣe é, wọ́n sì gbé e jáde ní 2003. Ìbéèrè mẹ́jọ ni, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, àròpọ̀ wọn ló sì ń sọ bí ewu ìtọ̀ ṣúgà ṣe pọ̀ tó láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin ẹni ọdún 38 kan ṣe àpẹẹrẹ. Kò tíì pé 45, nítorí náà ọjọ́ orí rẹ̀ kò ní máàkì. Ó ga ní mítà 1.62, ó sì wọn kílò 71. Tí a bá fi 1.62 pín 71 lẹ́ẹ̀mejì, 27 ló máa kù, máàkì 1 nìyẹn. Ikùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 91, ó sì ti kọjá 88 tó jẹ́ ààlà òkè fún obìnrin, máàkì 4. Iṣẹ́ ìjókòó ló ń ṣe, kì í rìn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, máàkì 2. Ó ń jẹ ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́, òdo. Kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rí, òdo. Ṣúgà rẹ̀ ga nígbà tó lóyún àbíkẹ́yìn rẹ̀, máàkì 5. Màmá rẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà, máàkì 5. Gbogbo rẹ̀ di 17. Láàárín 15 sí 20, ẹni kan nínú mẹ́ta ni ìtọ̀ ṣúgà máa ń mú láàárín ọdún mẹ́wàá.

Obìnrin yìí kan náà lè dáhùn báyìí: “Màmá mi ò ní ìtọ̀ ṣúgà o, ṣúgà wọn kàn máa ń ga díẹ̀ ni.” Máàkì 5 ti lọ. “Ti oyún yẹn? Ó ti lọ látìgbà tí mo ti bímọ.” Márùn-ún mìíràn ti lọ. Kó wá wọn ikùn rẹ̀ níbi tó ń so ìgbànú mọ́, lábẹ́ ikùn, kó rí 86 dípò 91, máàkì 4 di 3. Mẹ́fà ló kù. Ìsàlẹ̀ 7 ni ìwé náà ń pè ní ewu kékeré, ẹni kan nínú ọgọ́rùn-ún. Irọ́ kankan kò sí nínú ohun tó sọ, síbẹ̀ ó ti ti ẹni kan nínú mẹ́ta kúrò lójú.

Ti ìdílé ni kí a kọ́kọ́ mú. Má ṣe béèrè pé “Ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ìdílé?” nítorí “rárá” ló máa ń jáde. Béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń lo oògùn ṣúgà, bóyá wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹnì kan nítorí egbò tí kò jinná, bóyá ojú ẹnì kan fọ́ tàbí kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ lágbà. Àwọn ohun mìíràn lè fa èyí tó kẹ́yìn yìí, ṣùgbọ́n ó tó kéèyàn tún wádìí sí i. Òbí, ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá, àti ọmọ tí a bí ni wọ́n ń fún ní máàkì 5. Òbí àgbà, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n òbí, àti ọmọ wọn jẹ́ 3. Níbí ni èdè wa ti ń dá wàhálà sílẹ̀: “ẹ̀gbọ́n mi” lè jẹ́ ọmọ ìyá ẹni, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni. Béèrè pé ta ló bí i. Ọkọ, ìyàwó àti àna kò sí nínú kíkà yìí, ṣùgbọ́n ìhà bàbá àti ìhà ìyá rí bákan náà. Bí òbí bá sì ti kú ní kékeré, “n kò mọ̀” ni ìdáhùn tó tọ́. Kì í ṣe “rárá.”

Ti ikùn rọrùn, bí èèyàn bá fara balẹ̀. Bọ́ aṣọ kúrò níbẹ̀. Fi ìka wá egungun ìhà tó kéré jù lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o sì wá ṣóńṣó òkè egungun ìbàdí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Agbedeméjì àwọn méjèèjì ni téèpù máa gbà. Dúró ṣánṣán, kó ẹsẹ̀ jọ, mí jáde bó o ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, kí o sì kà á ní òpin èémí yẹn. Téèpù gbọ́dọ̀ dúró dọ́gba yí ara ká, kó kan ara láìfún un. Ẹ̀yìn ló máa ń yọ̀ sísàlẹ̀ jù, nítorí ojú ẹni kò tó o. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó tàbí kí ẹ dúró síwájú dígí. Ìwọ̀n ṣòkòtò kì í ṣe ìwọ̀n ikùn. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú lè máa wọ ṣòkòtò kan náà fún ogún ọdún, nítorí abẹ́ ikùn ló ń so ó sí.

FINDRISC ń ka 80 sí 88 fún obìnrin àti 94 sí 102 fún ọkùnrin sí máàkì 3, èyí tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ 4. Ara àwọn èèyàn Yúróòpù ni wọ́n ti mú àwọn ààlà yẹn. Láàárín àwọn ará Gúúsù Éṣíà àti Ṣáínà, 90 ni wọ́n sábà ń lò fún ọkùnrin, nítorí ṣúgà wọn máa ń ga nígbà tí ara wọn kò tíì sanra púpọ̀. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà kan tí kò béèrè ìran ẹni: ikùn kò gbọ́dọ̀ tó ìdajì gíga ara. Ìdajì 162 ni 81. Obìnrin wa fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kọjá rẹ̀.

Ti oyún ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró sí. Nígbà oyún, ibi ọmọ máa ń tú àwọn omi ara tí kì í jẹ́ kí ínsúlíìnì, èyí tí ara fi ń sọ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀, ṣiṣẹ́ dáadáa. Ara tó lágbára á ṣe ínsúlíìnì púpọ̀ sí i láti fi dí i. Ara tí agbára rẹ̀ ti fẹ́ tán kò ní lè ṣe é, ṣúgà á sì ga. Bí ibi ọmọ bá ti jáde, ẹrù náà ti kúrò lórí, ṣúgà á sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àìlágbára tí oyún fi hàn ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tí ṣúgà rẹ̀ ga nínú oyún fi máa ń ní ìtọ̀ ṣúgà tó ìlọ́po méje sí mẹ́wàá ti ẹni tí tirẹ̀ kò ga.

Àwọn kan kò mọ̀ rárá, nítorí pé kò sẹ́ni tó yẹ̀ wọ́n wò nígbà náà. Ẹ béèrè ìwọ̀n ọmọ nígbà tí wọ́n bí i. Kílò 4 sókè jẹ́ àmì tó yẹ kó fa ìfura, 4.5 sókè sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe ẹ̀rí o, ọmọ ńlá lè jẹ́ ti ìran. Ó kàn tó ìdí láti lọ fa ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún náà ń fi kún ewu ìtọ̀ ṣúgà lẹ́yìn ọ̀la.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lẹ́yìn irú oyún bẹ́ẹ̀ yẹ kó wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ, àyẹ̀wò oníwákàtí méjì ni kó sì jẹ́. HbA1c, tó ń wo ṣúgà oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kò ṣeé gbára lé nígbà náà, nítorí pé oyún àti ẹ̀jẹ̀ tó dànù níbi ìbímọ ti yí ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì pupa padà. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ onídòjé náà lè yí èsì rẹ̀ padà nígbàkígbà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò oníwákàtí méjì náà nìyí. Fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, jẹun bó o ṣe ń jẹ, má dín oúnjẹ oníṣúgà àti oníṣítáàṣì kù. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù gé oúnjẹ kù lè rí èsì tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Má jẹun fún wákàtí 8 sí 14, omi nìkan ló láyè. Wọn á kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀, wọn á sì fún ọ ní gúlúkóòsì gíráàmù 75 tí wọ́n pò mọ́ omi bíi mílílítà 300, kí o mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú 5. Láti ìgbà tó o kọ́kọ́ fẹnu kàn án ni wákàtí méjì ti bẹ̀rẹ̀. Jókòó, má rìn káàkiri, má mu sìgá. Bó o bá bì, ọjọ́ mìíràn ni. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà nínú ìgò. Ẹ̀jẹ̀ tó jókòó fún wákàtí mẹ́ta lè mú ṣúgà tó ga dà bí èyí tó dára.

Ká ní èsì obìnrin wa jẹ́ 97 mg/dL láìjẹun, àti 171 lẹ́yìn wákàtí méjì. Níbi tí wọ́n ti ń lo mmol/L, fi 18 pín in: 5.4 àti 9.5. Láìjẹun, ohun tó kéré sí 100 dára, 126 sókè ni ìtọ̀ ṣúgà. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ohun tó kéré sí 140 ló dára, 200 sókè ni ìtọ̀ ṣúgà. Ká ní ti àárọ̀ nìkan ni wọ́n ṣe fún un, wọn á ní kó máa lọ sílé. Èkejì ló fi hàn pé ó ti wà lójú ọ̀nà. Bí nọ́ńbà kan bá sì wọ ti ìtọ̀ ṣúgà nínú ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí èkejì kò wọ̀ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tún àyẹ̀wò ṣe kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún ìka kò tó fún ìdájọ́ yìí. Ṣúgà èso tó kù lára ìka nìkan lè gbé nọ́ńbà sókè.

Lọ́dọọdún ni kí obìnrin tó wà láàárín bẹ́ẹ̀ máa padà wá. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga nínú oyún àmọ́ tí èsì rẹ̀ dára báyìí, kó má jẹ̀ẹ́ kó ju ọdún mẹ́ta lọ, títí ayé. Bó bá tún fẹ́ lóyún, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lóyún. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ni ọkàn àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ń di ohun tí wọ́n máa jẹ́, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í sì tíì débi àyẹ̀wò aboyún nígbà yẹn.