Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: íméèlì tí a fi ń bèèrè ọjọ́ dífẹ́ǹsì

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní Nàìjíríà àti Ìlú Ọba, yunifásítì ló sábà máa ń kọ̀wé sí olùyẹ̀wò tó ń bọ̀ láti ìta. Ní Amẹ́ríkà, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò fi íméèlì wá ọjọ́ tó bá gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ lára mu fún dífẹ́ǹsì, ìyẹn ìjókòó tí yóò ti gbèjà tíìsìs rẹ̀ níwájú wọn.

Ẹ má kọ íméèlì náà títí alábòójútó yín yóò fi sọ pé tíìsìs ti tó gbé jáde, tí yóò sì sọ ọjọ́ tí ọwọ́ òun dilẹ̀. Bí ẹ bá ṣáájú rẹ̀ kọ ọ́, tó wá ní kí ẹ tún orí kẹrin kọ, ẹ ó máa bẹ àwọn àgbà pé kí wọ́n fagi lé ọjọ́ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún yín.

Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti ka ọjọ́ bọ̀. Ká ní yunifásítì yín fẹ́ gba ẹ̀dà ìkẹyìn ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 2026. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún àtúnṣe tí ìgbìmọ̀ yóò ní kí ẹ ṣe, ẹ ó bá ara yín ní ọjọ́ 3, èyí tó jẹ́ Ọjọ́ Ẹtì Rere. Nítorí náà, ìparí oṣù Kẹta ni kí ẹ dì mú. Kí wọ́n lè rí àyè kà á dáadáa, ẹ fi íméèlì ránṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì, kí ẹ sì bèèrè èsì kó tó di ọjọ́ 24. Ọjọ́ 16 jẹ́ ìsinmi ìjọba ní Amẹ́ríkà. Ìwé tó bá wọlé lọ́jọ́ náà máa ń rì sábẹ́ òmíràn.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni kí ẹ fi lọ̀ wọ́n, wákàtí méjì méjì. Bí ẹ bá ní "ìgbàkígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn", oníkálukú yóò dá ọjọ́ tirẹ̀, kò sì ní sí èyí tó pàdé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú jù ni aago, pàápàá bí ọmọ ìgbìmọ̀ kan bá wà ní Èkó, tí òmíràn wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2026, Amẹ́ríkà ti aago síwájú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta. Ìlú Ọba ò ṣe é títí di ọjọ́ 29. Nàìjíríà kì í yí tirẹ̀ padà rárá. Ẹ wò ó báyìí:

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹta: Niú Yọ́ọ̀kì 10:00, Lọ́ńdọ̀nù 14:00, Èkó 15:00.
Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹta: Niú Yọ́ọ̀kì 10:00, Lọ́ńdọ̀nù 14:00, Èkó 15:00.
Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù Kẹta: Niú Yọ́ọ̀kì 10:00, Lọ́ńdọ̀nù 15:00, Èkó 15:00.

Ẹ rí i pé ti Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Bí ẹ bá kọ aago Niú Yọ́ọ̀kì nìkan, tí ará Lọ́ńdọ̀nù sì fi ìyàtọ̀ wákàtí márùn-ún tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣírò rẹ̀, yóò fi wákàtí kan pẹ́ ní ọjọ́ 24 tàbí 26.

Lẹ́yìn ọjọ́ ló kan fáìlì. Ẹ dárúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi ṣe. Fún àpẹẹrẹ: tíìsìs, ojú ewé 212, fún kíkà; àkópọ̀ rẹ̀, ojú ewé kan; ìdáhùn sí àwọn ohun tí wọ́n tọ́ka sí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé tí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan wà; fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí, tí wọn ò ní fọwọ́ sí títí dífẹ́ǹsì yóò fi parí. Bí ẹ ò bá sọ ti fọ́ọ̀mù yìí, ẹnìkan lè fọwọ́ sí i kíákíá, kó sì dá a padà. Ẹ kọ ọjọ́ sára orúkọ fáìlì:

```
Orukọidile_Dissertation_2026-02-17.pdf
```

Ẹ̀dà yìí ni gbogbo wọn yóò kà. Bí ẹ bá fi òmíràn ránṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan á ṣí ojú ewé 87, ohun tó ń bèèrè á wà ní 91 lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àṣìṣe tí ẹ bá rí lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sí ìwé kan, ẹ mú un wá sí dífẹ́ǹsì.

Gmail ò gba àsomọ́ tó ju 25 MB lọ, fáìlì a sì tún máa wú bí ó ti fẹ́ẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta bó ṣe ń lọ, nítorí náà ohun tó bá ti ń sún mọ́ 18 MB, ẹ fi í sí Drive. Ẹ má gbàgbé pé líǹkì Drive yunifásítì lè má ṣí fún ẹni tó wà ní yunifásítì mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nínú fèrèsé aládàáni tí ẹ ò wọlé sí pẹ̀lú àkáǹtì kankan. Bó bá ní kí ẹ bèèrè àyè, ohun tí olùyẹ̀wò náà yóò rí nìyẹn.

Bí ẹnìkan bá dá ọjọ́ mìíràn, ẹ má gbà á lójú ẹsẹ̀; ẹ kọ́kọ́ bi àwọn yòókù. Nígbà tí gbogbo wọn bá fẹnu kò, ẹ kọ íméèlì kan ṣoṣo tó ní ọjọ́, aago ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yàrá àti líǹkì Zoom, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere pé wọ́n lè yọ ọjọ́ méjì tó kù kúrò nínú kàlẹ́ńdà wọn.