Páásípọ́ọ̀tù sọnù, ṣùgbọ́n ojú kò tì mí

Ẹ bá mi yin Olúwa o! Halelúyà! Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ rí mi níbi ìgbéyàwó àkọ́bí mi ní Àkúrẹ́, tí ẹ ní ìyá ọkọ ìyàwó rù, ẹ kò mọ ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yẹn. Mo jẹ́rìí díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi, ọ̀rọ̀ yìí sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo lọ ní Jóhánẹ́sìbọ́ọ̀gì, ní Gúúsù Áfíríkà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n fún mi nígbà tí mo wọlé, ọjọ́ Jímọ̀ ló sì máa pé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tíkẹ́ẹ̀tì mi, ìgbéyàwó di Sátidé. Lójú tèmi, mo ti fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí a dé éèpọ́ọ̀tù, ọkọ àbúrò mi ní kí a fi ọ̀rá wé àpótí mi kí wọ́n má baà já a lọ́nà. Ẹ̀rọ náà ń yí àpótí bí ẹni ń ran òwú, ọ̀rá ń lọ́ mọ́ ọn ní ìpele-ìpele. Mo sanwó, a lọ tò. Ó ku ẹni méjì kí ó kàn mí ni mo ki ọwọ́ bọ báàgì. Páásípọ́ọ̀tù kò sí. Mo da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì sílẹ̀ níbẹ̀: Bíbélì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, bisikíìtì, gèlè. Kò sí níbẹ̀. A sáré padà síbi ẹ̀rọ, kò sí lórí tábìlì, kò sí nílẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó bá wa ti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kí n má purọ́, òun ni ọkàn mi lọ bá. Mo ní, "Ọmọ yìí ni! Ó ń wò mí nígbà tí mo ń kawó!"

Obìnrin tó wà nídìí káńtà ló kọ́kọ́ ràn wá lọ́wọ́. Ó ní kí a jẹ́ kí òun yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì náà padà kí bààlúù tó gbéra, nítorí bí ó bá gbéra tán, wọn yóò kọ ọ́ pé mi ò wá, owó rẹ̀ sì lè wọmi. Ó yí i sí àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a san àlékún. Lẹ́yìn náà ni a lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá inú éèpọ́ọ̀tù.

Ọlọ́pàá náà bi mí pé, "Ṣé wọ́n jí i ni, àbí ó sọnù?" Ọkọ àbúrò mi ti fẹ́ sọ pé wọ́n jí i. Orúkọ ọmọ yẹn wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, mo ti kà á. Ọlọ́pàá ní, "Màmá, ṣé ẹ fojú rí i kí ó mú un?" Ẹnu mi wúwo. Mo ní rárá, ó sọnù ni. Níbẹ̀ náà ni mo ti búra sínú ìwé, wọn kò gba kọ́bọ̀, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà ẹjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Rú, a wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ìwé ọlọ́pàá, ìwé ìbúra, ẹ̀dà ojú ewé tí fọ́tò mi wà nínú páásípọ́ọ̀tù, fọ́tò pélébé méjì àti tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo kó dání. Obìnrin tó gbà mí lálejò fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, ó ní níbo ni mo ti wá. Mo ní Àkúrẹ́, Òkè-Àró. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tìtorí ìyẹn yọ ìbéèrè kankan sílẹ̀.

Ó ní, "Mọ̀mí, ṣé ẹ ti wá a dáadáa? Torí bí a bá ti kọ ọ́ pé ó sọnù, ó ti kú nìyẹn. Bí ẹ bá tilẹ̀ rí i lọ́la, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi rin ìrìnàjò mọ́." Ó ṣàlàyé pé àkójọ nọ́ńbà àwọn ìwé ìrìnnà tó sọnù wà lọ́wọ́ Ìńtápọ́ọ̀lù, ibodè orílẹ̀-èdè mìíràn sì lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n dá ẹni tó ni ìwé dúró bí olè. Mo ní mo ti wá a. Mo fi ọwọ́ sọ àyà.

Ìwé ìrìnnà pàjáwìrì ni wọ́n máa fún mi, ilé nìkan ló sì mọ̀ ọ́n lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Arákùnrin kan tó wà níwájú mi fẹ́ fi tirẹ̀ gba ibòmíràn kọjá kí ó tó wálé. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe: físà rẹ̀ ti bá páásípọ́ọ̀tù lọ, kí ó lọ sílé lọ gba òmíràn.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú ni èyí. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀dà òǹtẹ̀ tí wọ́n lù fún yín nígbà tí ẹ wọlé ńkọ́?" Ojú ewé fọ́tò nìkan ni mo yà sínú fóònù, bí gbogbo wa ti máa ń ṣe. Ó ní ìwé tí àwọn máa fún mi kò ní òǹtẹ̀ kankan nínú, ẹni tó wà ní ibodè yóò sì fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo wọlé. Ọkọ àbúrò mi rọra fa fóònù rẹ̀ yọ. Alẹ́ ọjọ́ tí mo dé ló ti ya fọ́tò òǹtẹ̀ àti físà, ó ní òun fẹ́ ka ọjọ́ mi. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pè é ní akọ̀wé kóòtù. Ẹ bá mi kí i.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gba ìwé náà. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀gá ìmígíréṣọ̀n gbé ìwé mi síwájú, ó gbé fọ́tò òǹtẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi ìdí bírò ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ènìyàn bá fi ọjọ́ kan péré kọjá níbẹ̀, wọ́n lè fòfin dè é fún oṣù 12. Mo ń gbọ́ bí bírò ti ń kan pátákó. Ó dé orí ọgbọ̀n, ó dúró, ó wò mí, ó lu òǹtẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe "Jésù!"

Bí a ṣe dé Èkó, wọ́n bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, mo sì wọ mọ́tò gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó wálé. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá kí n tó dé. Ní Sátidé, ẹ̀yin náà rí bí mo ṣe jó.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá kúrò lára àpótí kí n lè pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ. Mo fa síìpù àpò iwájú. Páásípọ́ọ̀tù mi nìyẹn, pẹ̀lú àádọ́ta ráńdì láàárín rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo tì í síbẹ̀ kí ọwọ́ mi lè ṣòfo láti kawó, tí ẹ̀rọ sì wé e mọ́ inú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń gbé àpótí yẹn kiri! Ta ni ì bá ronú láti ya ọ̀rá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó fún?

Kò wúlò mọ́ báyìí. Mo ti mú ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Àkúrẹ́ níbí, 100,000 náírà ni wọ́n ń gba olójú ewé 32. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló ń dùn mí lọ́kàn. Orúkọ ọmọ yẹn tí mo kà lára aṣọ rẹ̀, tó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ fún ọlọ́pàá, kò kúrò lórí mi. Olúwa ló di ẹnu mi mú. Ẹni tó ń lọ sí Jóhánẹ́sìbọ́ọ̀gì lóṣù tó ń bọ̀ ti gba àádọ́ta ráńdì náà lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi ní òun máa wá ọmọ náà dé ìdí ẹ̀rọ, kí ó fún un.