Àgbọ̀nrín Tí Rúlà Bí

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí àwòrán fi wọlé sórí fóònù mi. Àbúrò mi kan tó jí gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́. Ọwọ́ kan ló wà nínú àwòrán náà, ọwọ́ ọ̀hún di eegun kan mú, eegun náà sì kún ojú àwòrán bámúbámú bí ẹni pé erin ló gbàgbé ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé apá ọmọ ènìyàn kọ́ nìyí? Ìyàwó mi ní òun ò ní sùn nínú ilé yìí lálẹ́ òní."

Kí n tó fèsì, òmíràn ti dé. Ó ti tú okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó fi yí ihò náà ká bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń ṣe nínú fíìmù. Aṣọ méjì ṣì wà lórí okùn ọ̀hún. Sòkòtò rẹ̀ ni ọ̀kan.

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó ya ìsàlẹ̀ eegun náà fún mi ní tààrà, bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú wo ẹnu ìbọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹran tó ni eegun, ibi tí eegun náà ti pàdé eegun mìíràn ni kó kọ́kọ́ wò. Àárín eegun gígùn kì í sọ púpọ̀, ọ̀pá ṣáá ni. Oríkèé ló máa ń tú àṣírí, torí pé bí ẹran bá ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ oríkèé rẹ̀.

Àwòrán dé, ọ̀rọ̀ sì já. Ìsàlẹ̀ eegun náà dà bí táyà kékeré méjì tí wọ́n tò síra wọn, àlàfo tóóró kan wà láàárín wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìlà kan tó yọ sókè tó yí i po láàárín bí okùn. Kò sí oríkèé kankan lára ènìyàn tó rí báyẹn. Ẹran tí pátákò rẹ̀ là sí méjì tó sì ń jẹ àpọ̀jẹ ló ni ín: màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, àgbọ̀nrín àti àwọn ẹbí wọn. Eegun náà ló wà láàárín pátákò àti oríkèé tó ga sókè díẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní orúnkún ẹran. Eegun méjì ni tẹ́lẹ̀. Inú oyún ni wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, kòtò tóóró tó gba iwájú eegun náà kọjá látòkè délẹ̀ sì ni àpá ibi tí wọ́n ti lẹ̀. Táyà kan ló ń gbé ìdajì pátákò kan, ìkejì ń gbé ìdajì kejì. Ká ní ẹṣin ni, táyà kan ṣoṣo la máa rí, ìlà kan á sì wà láàárín rẹ̀, nítorí pé ìka kan ṣoṣo ni ẹṣin fi ń tẹlẹ̀. Ti ẹlẹ́dẹ̀ kì í lẹ̀ rárá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn eegun ọ̀hún ń dá wà.

Ìyàwó rẹ̀ ò gbà. Ó gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n bí ti ọmọdé ṣe máa kéré nìyí."

Ìbéèrè tó dáa ni, ohun tó sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú náà nìyẹn. Eegun kékeré lè jẹ́ ti ọmọ ẹran ńlá, ó sì lè jẹ́ ti àgbà ẹran kékeré. Orí oríkèé náà ló ń yanjú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ṣì ń dàgbà, yálà ọmọ ènìyàn tàbí ọmọ ẹran, ọ̀pá eegun gígùn rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ìdérí rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kèrékèré rírọ̀ ló so wọ́n pọ̀. Tí kèrékèré yẹn bá jẹrà nínú ilẹ̀, ìdérí á yọ, ohun tó máa kù ní ìdí ọ̀pá á rí kúlúkùlù bí ilẹ̀ tí òjò ti wọ́ lọ. Eegun apá tàbí itan ọmọ kékeré tó bá wà nínú ilẹ̀ kò ní ní oríkèé tó dán tó sì lẹ̀ típẹ́típẹ́ bí èyí. Táyà méjèèjì lẹ̀ pinpin, kò sí ìlà ibi tí wọ́n ti pàdé ọ̀pá. Tí eegun náà bá jẹ́ ti àgùntàn tàbí ewúrẹ́, yóò ti tó ọmọ ọdún méjì tàbí kó máa sún mọ́ ọn. (Mo sọ fún un pẹ̀lú pé ká ní mi ò rí táyà wọ̀nyẹn, tí ọkàn mi sì ń ṣe kámi-kàmì-kámi, ohun tí mo máa sọ ni pé kó gbé eegun sílẹ̀, kó má gbẹ́lẹ̀ mọ́, kó pe ọlọ́pàá gidi, àwọn tí kì í lo okùn aṣọ.)

Ìyàwó rẹ̀ sinmi. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìrísí ti sọ ìdílé tí eegun náà ti wá, ìwọ̀n ló kù tó máa sọ ẹni tó ni ín nínú ìdílé. Mo ní kó fi rúlà sí i. Ó fi rúlà sí i lóòótọ́, ó ya á, mo kà á: sẹ̀ǹtímítà 24. Mo tún un kà. 24 ni. Ti àgùntàn tàbí ewúrẹ́ kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù ló máa ń tó o. Àmọ́ ti màlúù máa ń ki pọ́pọ́, ẹran tó wúwo ló ń gbé, èyí sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ àga. Eegun tó gùn tó ti màlúù, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ẹran sísáré nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọn. Mo bá kọ̀wé: "Ó jọ ti àgbọ̀nrín."

Ó yẹ kí n ti pa fóònù ní kété tí mo tẹ ọ̀rọ̀ yẹn tán. Láàárín wákàtí kan, bàbá tó ń gbé ilé kejì ti gbọ́ pé àgbọ̀nrín ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lóru. Wọ́n ti gbé àtùpà jáde. Wọ́n ti kó bàtà òjò wọ̀. Wọ́n ní ajá àwọn kò tíì pàdánù ipa ẹsẹ̀ ẹran rí.

Èmi ń wo àwòrán rúlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ara mi bu máṣọ. Eegun ń dán, ó mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n nọ́ńbà orí rúlà ṣú bàìbàì. Mo wá òjìji eegun náà. Kò sí lábẹ́ eegun, ó wà lọ́tọ̀ọ́tọ̀ nílẹ̀, ó ti rìn lọ síwájú. Mo pè é.

"Níbo lo gbé rúlà sí?"

"Nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Eegun ń kọ́?"

"Ọwọ́ mi ni. Ẹrẹ̀ wà nílẹ̀, mi ò fẹ́ kó tún dọ̀tí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni."

Mo béèrè bí fóònù ṣe jìnnà sílẹ̀ tó. Ó ní bí ìwọ̀n rúlà náà fúnra rẹ̀, 30. Eegun ń kọ́? Ó ní ó wà láàárín méjì, bí 15. Ẹ gbọ́ ìṣirò yẹn. Ohun tó bá wà ní ìdajì ọ̀nà sí ojú kámẹ́rà máa ń hàn ní ìlọ́po méjì ohun tó wà ní ìparí ọ̀nà. Rúlà kò purọ́, eegun kò purọ́, àlàfo tó wà láàárín wọn ló bí àgbọ̀nrín. Pín 24 sí méjì, 12 ló kù. Ìrísí kò yí padà nítorí pé gígùn àti sísanra jọ ń fẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí eegun náà fi gùn bí ti màlúù tó sì tún tẹ́ẹ́rẹ́.

Mo wá sọ bó ṣe máa yà á. Kó tẹ́ eegun sórí pákó, kó gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì fi nǹkan gbé rúlà ga dé ìdajì sísanra eegun kí ojú wọn lè dọ́gba. Kó dúró lókè rẹ̀ gangan, kó má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó jìnnà tó bíi mítà kan, kó wá fa àwòrán náà sún mọ́ra lórí fóònù, nítorí pé kámẹ́rà tó bá sún mọ́ nǹkan jù máa ń wú àárín rẹ̀. Ìhà mẹ́fà ni mo fẹ́ rí: iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, orí òkè àti ìsàlẹ̀.

Ó ya ti orí òkè ránṣẹ́ ná. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ fi mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ iwájú ni tàbí ti ẹ̀yìn, torí pé ojú òkè ti iwájú máa ń rí bí ìlàjì òṣùpá, ti ẹ̀yìn máa ń sún mọ́ onígun mẹ́rin. Mi ò rí èyí tó jọ òṣùpá, mi ò rí onígun. Nǹkan ti họ etí rẹ̀ wómúwómú, ihò róbótó-róbótó bí ojú abẹ́rẹ́ ńlá wà káàkiri. Eyín ni. Ìpẹ̀kun eegun ni ajá ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ rọ̀ bíi kànìnkànìn, ọ̀rá sì wà nínú rẹ̀. Eku ò ṣe bẹ́ẹ̀, àpá eyín eku máa ń tò gbọọrọgbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni fi ìyarun họ ọ́.

Mo kọ̀wé sí i pé àgùntàn tàbí ewúrẹ́ ni, kó má sì bi mí èwo nínú méjèèjì. Ti ewúrẹ́ máa ń kúrú tó sì máa ń ki díẹ̀, ti àgùntàn máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n jọra débi pé àwọn tó ń fi eegun ṣiṣẹ́ máa ń kọ orúkọ méjèèjì pọ̀. Mo ní ajá kan ló gbé e wá sin síbẹ̀, kó sáré sọ fún bàbá kí wọ́n bọ́ bàtà òjò.

Ó ní ó ti pẹ́, wọ́n ti dé pẹ̀lú ajá tó máa tọ ipa ẹsẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àwòrán tó kẹ́yìn wọlé. Ó yà á dáadáa: lókè gangan, pákó tẹ́jú, rúlà dúró ṣánṣán, nọ́ńbà hàn kedere látorí òdo dé 30. Kò sí eegun lórí pákó. Ìrù ajá kan ló wà ní igun àwòrán, ó ń lọ sílé bàbá.