Kí lẹ gbà padà lórí pọ́ọ̀nù yẹn?

Ní Mókọ́lá níbi tí a ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ẹ̀yin àbúrò wa ń fi pọ́ọ̀nù tọrẹ ṣáá. Mo bi ọ̀kan nínú yín pé kí ló gbà padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mò ń lé e." Lílé dà?

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ ka ohun tó ti jáde. Nínú gámbíìtì Smith-Morra (e4 c5, d4 cxd4, c3 dxc3, kí ẹṣin wá jẹ ẹ́ ní c3), ẹṣin funfun ti jáde, ọ̀nà ti ṣí fún bíṣọ́ọ̀bù méjèèjì, òpó c àti d sì ń dúró de rúùkù. Àwọn àgbà máa ń sọ pé pọ́ọ̀nù kan tó nǹkan bí ìta mẹ́ta. Àmọ́ bí dúdú bá ti kó tirẹ̀ jáde tán, ìṣirò yẹn ti parí.

Ẹ̀kọ́ kejì: àǹfààní tó ń sá lọ, ẹ tètè sọ ọ́ di èyí tó ń jókòó. Èyí ni ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa kò gbọ́, tí ife fi bọ́ lọ́wọ́ wa. Èmi ti na alátakò tèmi tán, mo dúró lẹ́yìn ẹni tiwa yẹn, òun ló ń ta funfun. Ayaba rẹ̀ wà ní e2, rúùkù rẹ̀ ní d1. Bí funfun bá ti e5 nígbà yẹn, pọ́ọ̀nù d6 kò lè jẹ ẹ́, nítorí ayaba dúdú ló wà lẹ́yìn rẹ̀, rúùkù d1 yóò sì jẹ ẹ́. Dúdú rí i, òun gan-an ló yára ti e5. Ó bọ́ nínú ewu, ṣùgbọ́n ó fi ihò sílẹ̀ ní d5: kò sí pọ́ọ̀nù rẹ̀ kankan tó lè ṣọ́ ibẹ̀ mọ́. Ihò yẹn gan-an ni owó pọ́ọ̀nù wa.

Bíṣọ́ọ̀bù dúdú wá sí e6, ó dojú kọ tiwa ní c4. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń ta b4 níbẹ̀, kí b5 lè lé ẹṣin c6. Tiwa na ọwọ́, ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù náà! Pọ́ọ̀nù f jẹ padà, ó jókòó sí e6, ó ń ṣọ́ d5. Ihò dí, òpó f sì ṣí fún rúùkù wọn. Nígbà tí ayaba kúrò nílẹ̀, pọ́ọ̀nù kan tí wọ́n fi jù wá lọ ló rìn dé ilé. Olórí ẹgbẹ́ wa ní àárẹ̀ ló mú un. Àárẹ̀ kẹ̀! Inú ṣì ń bí mi.

Nítorí náà, kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ fojú inú yọ ayaba méjèèjì kúrò. Nínú Morra, ohun tó kù kì í sábà tó. Nínú gámbíìtì Benko, níbi tí dúdú ti ń fi pọ́ọ̀nù tọrẹ, ó lè tó dáadáa, torí rúùkù dúdú ṣì wà lórí òpó a àti b, bíṣọ́ọ̀bù g7 sì ń wo gbogbo ọ̀nà gígùn yẹn, ayaba wà níbẹ̀ tàbí kò sí.