"A máa san bálánsì tí iṣẹ́ bá parí": ohun tí iṣẹ́ káfíńtà kọ́ mi nípa àdéhùn owó

Níbi iṣẹ́ káfíńtà tí mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, iye owó kì í fi bẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀, torí a ti ná an títí kó tó di pé a gé pákó. Ọjọ́ tó yẹ kówó wọlé gan-an nìjà máa ń wà.

Iléèwé aládàáni kan gbé dẹ́sìkì 25 fún wa ṣe, 40,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù kan náírà lápapọ̀. Wọ́n san 400,000 sílẹ̀, ó ku 600,000, pépà tí àwọn fúnra wọn tẹ̀ wá sọ pé "a máa san bálánsì tí iṣẹ́ bá parí". Lójú tèmi, iṣẹ́ parí lọ́jọ́ tá a já gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà wọn. Màdáàmù tó ni iléèwé ní kò tíì parí, àfi tóun bá fojú ara òun yẹ̀ ẹ́ wò ní kíláàsì, bọ́sà tó ń mójú tó owó wọn ní tiẹ̀ ń retí ínfọ́ìsì, ó tún ní káwọn ọmọ san owó sáà tuntun ná. Ṣé ẹ rí i, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tá a kọ gba ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Ní báyìí, ohun tójú lè rí ni mo máa ń so ọjọ́ ìsanwó mọ́, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n bá sáìn wébíìlì, pépà tó ń fi hàn pé ọjà ti dé ọwọ́ wọn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyí: "Oníbàárà yóò san 600,000 náírà tó kù, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n sáìn wébíìlì. A kò ní ka ọjọ́ tí wọ́n sáìn mọ́ ọn, a ó sì ka Sátidé àti Sọ́ńdè. Ọjọ́ tí owó bá wọ àkáǹtì wa ni ọjọ́ ìsanwó." Tí wọ́n bá sáìn ní ọjọ́ 3 oṣù Mááṣì, ọjọ́ 17 lówó gbọ́dọ̀ wọlé, kò ní àríyànjiyàn nínú. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì o, torí ẹlòmíì á ní òun ti kọ ṣẹ́ẹ̀kì láti ọjọ́ wo, ṣẹ́ẹ̀kì ọ̀hún ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀.

Àmọ́ tí wọn ò bá sáìn ńkọ́? Mo máa ń fi kún un pé tí wọn ò bá kọ àléébù tí wọ́n rí ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta tá a gbé ọjà dé, a ti gbà pé wọ́n tẹ́wọ́ gbà á, ká bẹ̀rẹ̀ kíkà látọjọ́ kẹta yẹn. Tó bá sì jẹ́ dẹ́sìkì méjì ló ní àléébù, 80,000 wọn nìkan ni wọ́n lè dá dúró títí a ó fi tún un ṣe, 520,000 tó kù gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ ẹ̀. Láìsí èyí, ìkọ́ kan tó yẹ̀ lè há gbogbo owó mọ́lẹ̀.

Ní ti èlé, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ ọ́ sídìí ínfọ́ìsì lẹ́yìn tí owó ti pẹ́, torí ohun tí adájọ́ sábà máa ń bi yín ní Nàìjíríà ni pé níbo lẹ ti jọ fẹnu kò sí i. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún ọgbọ̀n ọjọ́ ni mò ń kọ, lórí owó tó kù nìkan, èlé kò gbọdọ̀ gorí èlé. Lórí 600,000, ìyẹn 12,000, ó túmọ̀ sí 400 náírà lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 18 Mááṣì. Tí wọ́n bá san án ní ọjọ́ 16 oṣù Éépírì, ọgbọ̀n ọjọ́ gééré nìyẹn, 612,000 ni wọ́n máa san. Ẹ má kọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù láti fi dẹ́rù bà wọ́n, ilé ẹjọ́ lè ní ìjìyà lẹ fẹ́ fi jẹ wọ́n, kó wọ́gi lé e. Àwọn oníbàárà wa tó jẹ́ Mùsùlùmí pọ̀ níbí, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ gbọ́ èlé sétí rárá torí ẹ̀sìn wọn ka ríbà léèwọ̀, èmi náà kì í bá wọn jà lórí ẹ̀, ńṣe ni mo máa ń ní kí wọ́n san ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, tàbí ká máa kó dẹ́sìkì lọ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sanwó èyí tá a kó lọ ká tó kó òmíì.

Ínfọ́ìsì ńkọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá sáìn wébíìlì náà ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà ẹ̀, déètì, nọ́ńbà wébíìlì, iye tí wọ́n ti san, iye tó kù, àkáǹtì yín, àti ọjọ́ ìsanwó gan-an, ẹ kọ "17 Mááṣì", ẹ má kọ "ọjọ́ 14". Kó wà nínú àdéhùn pé bọ́sà lẹ máa fi ránṣẹ́ sí, lórí nọ́ńbà Wásáàpù báyìí-báyìí, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ kí wọ́n lu sítáǹbù sí tiyín. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ rán wọn létí.

Iléèwé yẹn san 600,000 wa nígbà tó yá, lẹ́yìn tá a jókòó kọ déètì tuntun sílẹ̀, àmọ́ kò sí kọ́bọ̀ èlé kankan lórí ẹ̀, torí kò sí nínú pépà àkọ́kọ́.