Kí ni àfiwé náà ṣe fún òǹkàwé? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra ìdánwò lítíréṣọ̀ ní Kétu níbí, gbólóhùn kan wà tí mo máa ń bá nínú ìwé ìdáhùn yín, ó sì máa ń dùn mí nítorí mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: "Òǹkọ̀wé lo àfiwé tààrà láti mú kí iṣẹ́ rẹ̀ dùn, kí ó sì yé òǹkàwé." Ẹ gbé e kúrò nínú àyọkà tó ń sọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, ẹ gbé e sínú èyí tó ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kò sí ohun tí yóò yí padà níbẹ̀. Gbólóhùn tó bá gbogbo àyọkà mu kò tíì sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà níwájú yín. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ní ìbéèrè kan tí kì í yéé bi wá: "Kí ni òǹkọ̀wé ìbá sọ, tí kò sọ?" Inú ìbéèrè yẹn ni mo ti rí ọ̀nà.

Àyọkà kékeré kan rèé tí mo kọ fún kíláàsì wa:

"Ọyẹ́ wọ ìlú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gba Ìdẹnà wọlé láìkí oníbodè, ó ń kanlẹ̀kùn lójúlé-lójúlé, ó ń bi àwọn arúgbó léèrè ibi tí wọ́n fi aṣọ òtútù wọn sí. Ètè àwọn ọmọdé ya bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Ìyá Àgbà jókòó ti iná. Ebi ń pa á, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dìde. Òun ni òpó ilé náà. Bí ó bá dìde, gbogbo ilé ni yóò mì."

Kí ẹ tó máa ka iye ọnà èdè tó wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tí kì í ṣe ọnà èdè kúrò. "Bí" farahàn lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó wà nínú "bí ilẹ̀ odò tó gbẹ" ń fi nǹkan kan wé òmíràn. Èyí tó wà nínú "bí ó bá dìde" ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ni, kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ yín ló ń fàlà sí i nídìí. Kódà nígbà tí "bí" bá ń fi nǹkan wéra, ẹ wo nǹkan méjèèjì dáadáa. "Ó ga bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀" fi ènìyàn wọn ènìyàn, ọ̀rọ̀ lásán ni. Ètè àti ilẹ̀ odò kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni àfiwé tààrà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ebi ń pa á" ló máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bá mi jiyàn lórí rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ebi kì í ṣe ènìyàn, ẹ sì ní ó ń pa ènìyàn. Ṣé kì í ṣe ìfohunpènìyàn nìyẹn?" Mo ní kó sọ ọ́ lọ́nà mìíràn fún mi. Ó ronú títí, kò rí i sọ. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: ebi ń pani, òtútù ń múni, oorun ń kunni. Òǹkọ̀wé kò yan ọ̀rọ̀ náà, èdè ló gbé e lé e lọ́wọ́, òǹkàwé kò sì ní rí apànìyàn kankan níbẹ̀. Bákan náà ni "ẹnu ọ̀nà" àti "ojú ọjọ́". Ṣùgbọ́n ká ní mo kọ ọ́ báyìí: "Ebi ń pa á, ó sì ń rọra pa á, bí ẹni tó mọ̀ pé kò síbi tó fẹ́ sá gbà." Ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ebi ti ní sùúrù, ó ti ní ète, apànìyàn ti yọjú. Ìyẹn yẹ ní fífàlà sí, nítorí mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn án ni.

Ẹ padà sórí ọyẹ́. "Ọyẹ́ wọ ìlú" nìkan kò tíì tó, a máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kíkí oníbodè, kíkan ilẹ̀kùn, bíbi arúgbó léèrè, ènìyàn nìkan ló ń ṣe wọ́n. Ìfohunpènìyàn dájú. Irú ènìyàn wo wá ni? Èyí ni ìbéèrè tí ẹ máa ń fò. Kì í ṣe àlejò rere: kò kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè, àwọn tí kò lágbára ló ń lọ bá, ohun tó sì ń bi wọ́n dà bí ìhalẹ̀. Nítorí náà, ẹ lè kọ pé: "Òǹkọ̀wé sọ ọyẹ́ di àjèjì aláìlójútì tó ń wọlé onílé. Òtútù tí òǹkàwé ìbá kà sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lásán wá di ìkọlù, àánú àwọn arúgbó tí kò lè gbèjà ara wọn sì ń ṣe é."

Ohun kan kù níbẹ̀. Ọmọ Kétu tó bá ka "ó gba Ìdẹnà wọlé" yóò rántí ẹnubodè àtijọ́ tí a fi ń ṣọ́ ìlú, yóò sì rántí pé ogun Dàhòmè fọ́ Kétu lọ́dún 1886. Òun yóò gbọ́ ìró ogun nínú ọyẹ́ yẹn. Ọmọ Àjàṣẹ́ lè má gbọ́ ọ. Ẹ lè kọ èyí, ó tilẹ̀ wù mí kí ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ òǹkàwé tí ẹ ní lọ́kàn: "òǹkàwé tó bá mọ ìtàn Kétu". Bí ẹ bá wá kọ pé ọyẹ́ ni ọmọ ogun Dàhòmè, ẹ ti kọjá àyọkà, nítorí kò sí idà tàbí ìbọn kankan nínú rẹ̀ tó gbè yín lẹ́sẹ̀.

Ti ètè kò gùn. Ohun tó kọjá láti ara ilẹ̀ odò sí ara ètè ni gbígbẹ àti ìlà tó pín in wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Òǹkàwé rí i, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fahọ́n tọ́ ètè tirẹ̀ lá. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọjá.

Ibi tó yẹ kí ẹ pẹ́ sí ni òpó. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, kò sí "bí", kò sí "dà bí", ìyá náà gan-an ni òpó. Gbogbo ayé ló ń pe ìyá ní òpó ilé, nítorí náà ó lè ti di ọ̀rọ̀ tí etí ò kà sí mọ́. Ohun tó mú un tají ni "gbogbo ilé ni yóò mì", tó mú òpó náà ní òpó igi gidi. Òpó ń gbé ẹrù, kì í kúrò lójú kan, ẹnikẹ́ni kì í sì bi í bóyá ó rẹ̀ ẹ́. Ẹ wá fi èyí wo gbólóhùn tó ṣáájú. Nígbà tí a kà pé ebi ń pa á tí kò sì fẹ́ dìde, a rò pé òtútù ló mú un mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn òpó, a mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó ni. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ yìí mú kí òǹkàwé padà lọ tún gbólóhùn tó ṣáájú kà. Ohun tó kọ́kọ́ dà bí àìlera wá di ìfara-ẹni-jìn, òǹkàwé sì ń bẹ̀rù fún ilé tó gbára lé ẹni tí ebi ń pa."

Bí àkókò ìdánwò bá kéré, ẹ fi ti ètè sílẹ̀, kí ẹ kọ ti ọyẹ́ àti ti òpó dé ìdí. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ẹ ó fi kọ nípa òǹkàwé ni kí ẹ ṣọ́ jù: kí ni ó rí, kí ni ó fura sí, ta ni ó gbè lẹ́yìn, kí ni ó tún rò lẹ́yìn tó ti rò ó tẹ́lẹ̀?